Wọ́n yọ orúkọ, ojú ṣì kù: ìtàn àwòrán orí agolo òrí kan

Ìyá kan tó ń fi òrí ṣe ìpara irun ní Ìbàdàn ló wá bá mi pé òun fẹ́ àwòrán sára agolo. Ìpara náà kì í ṣe tuntun. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ike, tí wọ́n ń lẹ bébà pélébé mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń tà á ní Bódìjà. Ohun tó yí padà ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn bá wọn rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ máa gba ọjà náà, ṣùgbọ́n onísọ́ọ̀bù ní ike yẹn kò lè jókòó lórí pẹpẹ òun. Wọ́n nílò àwòrán irun mẹ́ta fún agolo mẹ́ta: ṣùkú, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti onílé gogoro. Wọ́n tún fẹ́ pósítà kan tí wọn yóò lẹ̀ síwájú ìsọ̀ ní Bódìjà.

Owó tó wà nílẹ̀ kò tó gbé fọ́tògíráfà, onídìrí àti ọmọbìnrin mẹ́ta. A fẹnu kò pé kí n fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe é, ìyẹn ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń tẹ àpèjúwe fún, tó sì ń gbé àwòrán jáde.

Wọn kò jẹ́ kí n ronú púpọ̀ lórí bí àwòrán náà yóò ṣe rí. Wọ́n ṣí fóònù wọn, wọ́n fi fọ́tò irun kan hàn mí, aláwọ̀ dúdú àti funfun, wọ́n ní, "Àbúrò, bí èyí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ o. Kó o wá fi ojú òṣèré yẹn sí pósítà." Wọ́n dárúkọ òṣèré náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ẹni tó ya fọ́tò irun ni mo lè dárúkọ, nítorí gbogbo ayé ló mọ iṣẹ́ rẹ̀: J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tí wọ́n bí ní 1930, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, tí kò sì dẹwọ́ títí tó fi kó fọ́tò irun tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan jọ. Ọdún 2014 ló kú. Púpọ̀ nínú fọ́tò náà ló yà láti ẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn àwòrán kò sì ní nǹkan kan nínú, débi pé irun ló ń wo èèyàn dípò ojú.

Mo jókòó, mo tẹ ohun tó wá sí mi lẹ́nu:

```
hairstyle portrait in the style of J.D. 'Okhai Ojeikere
```

Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń kọ̀ tí wọ́n bá rí orúkọ ayàwòrán tàbí gbajúmọ̀. Èyí tí mò ń lò kò kọ̀. Mo mọ̀ báyìí pé gbígbà tó gbà kì í ṣe ìyọ̀ǹda látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà inú mi dùn. Àwòrán mẹ́rin jáde. Ẹ̀kẹta nínú wọn dára ju ohun tí mo retí lọ: onílé gogoro tó nà sókè bí ilé alájà púpọ̀, ọrùn gbọọrọ, ẹ̀yìn funfun. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n sì gbé e sórí WhatsApp wọn lójú ẹsẹ̀ láìbi mí.

Kò tó wákàtí méjì tí ẹnì kan fi bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti ra fọ́tò mùsíọ́ọ̀mù ni.

Ìbéèrè yẹn ló mú mi padà sídìí àwòrán náà. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò onílé gogoro kan tí Ojeikere yà ní 1975, tó lókìkí gan-an. Kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n irun méjèèjì tẹ̀ síbì kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà gé ejìká kúrò nínú fọ́tò kò yàtọ̀. Mo fẹ igun ìsàlẹ̀ lójú, mo rí ìfàlà kan tó rí bí ìbuwọ́lùwé tí ẹnì kan fi ọwọ́ òsì kọ. Lẹ́tà kankan ò hàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti rí i lára ọ̀pọ̀ iṣẹ́ pé igun ni oníṣẹ́ ń kọ orúkọ sí, òun náà sì gbìyànjú. Ara mi bù máṣọ.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ òfin ti yé wa nìyí, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ ọ́ ní ìdajì. Òótọ́ ni pé òfin kópíráìtì kì í dáàbò bo ọgbọ́n tàbí èrò lásán. Òfin Kópíráìtì Nàìjíríà ti 2022 sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Kò sẹ́ni tó ni yíya irun láti ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ni dúdú àti funfun, àwọn ìyá wa ló sì ni onílé gogoro. Iṣẹ́ kan pàtó ni òfin ń dáàbò bò, ìyẹn fọ́tò yìí gan-an, bó ṣe rí. Nítorí náà, ẹni tó ní "ọwọ́ tí ayàwòrán fi ń yà kò ní kópíráìtì" kò parọ́. Ohun tí kò sọ ni pé tí ẹ bá dárúkọ oníṣẹ́ fún ẹ̀rọ, ohun tí ẹ̀rọ yóò fi dá yín lóhùn ni àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, èyí tó rí nígbà tó pọ̀ jù. Ọwọ́ lẹ béèrè, àmọ́ iṣẹ́ kan pàtó lè yọ orí jáde. Tí ọ̀rọ̀ bá sì dé iwájú adájọ́, ọ̀kan lára ohun tí wọn yóò béèrè ni pé ṣé ẹ ti rí iṣẹ́ náà rí kí ẹ tó ṣe tiyín. Orúkọ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ti dáhùn ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwà tún wà níbẹ̀. Ní 2022, orúkọ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Pólándì kan, Greg Rutkowski, di ọ̀kan lára èyí tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ jù sínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, débi tó fi fi ẹ̀hónú hàn pé tí òun bá wá orúkọ ara òun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí kì í ṣe tòun ló ń jáde. Mo rò ó pé tí ọmọ iléèwé kan bá wá Ojeikere lọ́la, tó sì bá agolo òrí tèmi pàdé ńkọ́?

Mo pa àwòrán náà tì. Mo yọ orúkọ. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn, àṣìṣe mi kejì sì nìyẹn, òun ló wúlò jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ohun tí mo tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì rèé:

```
black and white, woman from behind, tall threaded hair, bare neck, blank pale background
```

Fún ti pósítà, mo ṣe bákan náà sí òṣèré yẹn. Mo yọ orúkọ rẹ̀, mo fi àmì mẹ́rin rọ́pò rẹ̀: eyín, irun, bó ṣe máa ń wé gèlè, àti bó ṣe máa ń gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò ní kà wọ́n yékéyéké síbí. Bí mo bá kà wọ́n, ẹ ó dárúkọ rẹ̀ kí n tó parí gbólóhùn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé tíì wọlé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Àǹtí Lágbájá ti gbà láti bá wọn polówó ni?" Ojú tó wà níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ojú obìnrin náà tí ẹ bá wò ó dáadáa. Imú yàtọ̀, àgbọ̀n yàtọ̀. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń ṣe ìpolówó kì í gbàgbé. Samsung ṣe ìpolówó kan tí kò sí ẹ̀dá èèyàn nínú rẹ̀: rọ́bọ́ọ̀tì ni, wọ́n dé wíìgì fún un, wọ́n wọ̀ ọ́ ní gáùn àti ohun ọ̀ṣọ́, wọ́n wá gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó lẹ́tà bí èyí tó wà nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí Vanna White ń bá wọn ṣe. Wọn ò dárúkọ obìnrin náà, wọn ò sì lo fọ́tò rẹ̀. Ní 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan ní Kalifọ́níà ní ó lè bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ, nítorí wíìgì nìkan kì í ṣe òun, gáùn nìkan kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pàdé níwájú pátákó yẹn, ẹni kan ṣoṣo ló kù tí èèyàn lè rò. Òfin ibẹ̀ ni wọ́n fi dá a, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ tó gbé tíì wọlé fojú rí kò yàtọ̀ sí tàwọn adájọ́ yẹn.

Lọ́ńdọ̀nù ni ọjà wa ń lọ, nítorí náà mo ronú sí ti ibẹ̀ náà. Ní ìlú Òyìnbó, kò sí òfin kan pàtó tó ní ojú èèyàn jẹ́ ohun ìní rẹ̀. Síbẹ̀, Rihanna pe Topshop lẹ́jọ́ lórí fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì jàre, títí dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2015. Ilé ìtajà náà ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò. Kópíráìtì kì í ṣe ìṣòro wọn rárá. Ohun tó bà wọ́n jẹ́ ni pé àwọn oníbàárà lè rò pé Rihanna fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé olówó méjì ló wà lórí fọ́tò kan: ẹni tó yà á, àti ẹni tí wọ́n yà. Ẹni tó bá san gbèsè ọ̀kan ṣì lè jẹ èkejì.

Ní ti àwòrán irun láìsí orúkọ, ẹ wo ohun tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn, dúdú àti funfun, onílé gogoro, ọrùn ìhòòhò, ẹ̀yìn àwòrán tó ṣófo. Kò sí ìkankan tó jẹ́ ti Ojeikere nínú wọn. Ṣùgbọ́n inú fóònù ìyá yẹn, lára fọ́tò kan ṣoṣo, ni mo ti ṣa márààrún. Orúkọ ni mo tún kọ, mo kàn fi ọ̀rọ̀ márùn-ún kọ ọ́. Àwòrán tó jáde sì jọ ti àkọ́kọ́, àyàfi pé ìbuwọ́lùwé ti lọ.

Mo bá padà sílé wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ràn nínú fọ́tò yẹn gan-an, kí wọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì ní "bí èyí." Ó ṣòro fún wọn. Wọ́n ní, "Ó dára ni." Mo ní, "Ẹ ṣáà sọ fún mi, Mà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní irun ló jẹ ọba níbẹ̀, ojú kò bá a du ipò. Wọ́n ní ó rán àwọn létí àga onígi tí ìyá wọn máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án Sátidé, tí àwọn á jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, tí òwú dúdú á máa fà wọ́n lórí.

Mo ní, "Ẹ dúró." Àga, ẹnu ọ̀nà, ọ̀sán Sátidé, òwú, ọwọ́ ìyá. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú fọ́tò tí wọ́n fi hàn mí. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ látilẹ̀ nìyí, fọ́tò ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń pè é.

Wọ́n tún gbé àlíbọ́ọ̀mù jáde fún mi. Fọ́tò aláwọ̀ ọdún 1970 sókè ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ti pọ́n. Ó ní ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀: aró búlúù tó wà nínú bébà fọ́tò ayé ìgbà náà ló máa ń kọ́kọ́ ṣá nínú òkùnkùn àlíbọ́ọ̀mù, pupa àti yẹ́lò á wá ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó ni ṣíṣá aró. Mo gbà á. Bí mo ṣe ń darí lọ sílé, àpèjúwe ti wà lórí mi, láti orísun mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn: ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé wọn, àwọ̀ àlíbọ́ọ̀mù, àti ọwọ́ onídìrí tí mo ń rí ní Mókọ́lá lójoojúmọ́.

Ó ku irun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ ṣùkú. Tí ẹ bá kọ "suku" fún un, ohunkóhun ni yóò gbé wá. Ẹ ní láti sọ bí wọ́n ṣe ń dì í: ìlà bẹ̀rẹ̀ láti etí irun yíká, gbogbo rẹ̀ gòkè, wọ́n pàdé láàárín orí.

```
close view from above, cornrows rising from the hairline to one knot at the crown,
hairdresser's hands holding black thread, late sun through a doorway,
reddish faded 1970s colour print, wooden stool, no face visible
```

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n ní, "Kò jọ fọ́tò yẹn mọ́." Mo ní, "Ẹ̀n, Mà, kò jọ ọ́ mọ́." Ó gba ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà.

Kí n tó jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ mi, mo ṣe àyẹ̀wò tí mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́. Mo gbé e sí Google Lens láti wò ó bóyá fọ́tò kan wà níta tó jọ ọ́ jù. Àyẹ̀wò yìí ní ààlà o: fọ́tò tó wà nínú ìwé tí kò tíì dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè jáde níbẹ̀. Mo fẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ní ìlọ́po mẹ́rin láti wá ìfàlà tó jọ orúkọ tàbí àmì ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi han àwọn èèyàn mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mi ò bi wọ́n pé ta ló jọ, nítorí ẹni tí ẹ bá bi bẹ́ẹ̀ á wá orúkọ kan ṣáá. Mo ní, "Kí lẹ rí?" Ọ̀kan ní onídìrí. Ọ̀kan ní irun ìyá òun. Ẹ̀kẹta ní oòrùn ń pa ẹni náà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ èèyàn. Ká ní ẹnì kan dárúkọ, ǹ bá tún padà sídìí àpèjúwe, ǹ bá yọ ohun kan kúrò, ǹ bá fi ohun mìíràn tó ti ibòmíràn wá dípò rẹ̀.

Bí pósítà ṣe yanjú nìyẹn, òṣèré yẹn kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Agolo ló tún já wa sínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kò lè ṣe. Láti ìpàkọ́ ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń bọ̀ síwájú orí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó, ẹ̀rọ náà ń dá ìlà padà sẹ́yìn ni, tàbí kí ìlà méjì wọnú ara wọn láàárín orí. Obìnrin Yorùbá tó bá gbé agolo yẹn dání ní Pẹ́kàmù á rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń bá a jà lọ́wọ́ ni onísọ́ọ̀bù tún kọ̀wé pé òun fẹ́ rí ìwé ẹni tó ni àwòrán kọ̀ọ̀kan, àti ìwé ìyọ̀ǹda ẹni tó bá hàn nínú rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá náà pé kí á ya fọ́tò gidi. Owó pósítà tó ṣẹ́ kù gbé onídìrí kan àti ọmọbìnrin ọdún 19 kan tó jókòó fún irun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ méjì. Àpèjúwe tí mo kọ fún ẹ̀rọ ni mo fi Yorùbá sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ya fọ́tò náà: láti òkè, ẹnu ọ̀nà, oòrùn ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ onídìrí nínú fọ́tò. Mi ò fi fọ́tò ẹnikẹ́ni hàn án. Ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, pé aago mélòó ni oòrùn ń kan ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ìwé mẹ́ta la kọ. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ sí i pé wọ́n lè lo irun àti ọrùn òun lórí agolo àti nínú ìpolówó ìpara yìí nìkan, ní Nàìjíríà àti ìlú Òyìnbó, fún ọdún mẹ́ta, iye tó gbà sì wà níbẹ̀. Onídìrí náà fọwọ́ sí tirẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbàgbé ni ti ẹni tó ya fọ́tò. Ní Nàìjíríà, owó tí ẹ san fún un kì í sọ ẹ̀tọ́ irú fọ́tò ọjà bẹ́ẹ̀ di tiyín. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà àyàfi tó bá kọ̀wé gbé e fún yín. Ó kọ ọ́.

Mo kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Mókọ́lá ní ọjọ́ Ajé. Kò pẹ́ tó fi pè mí. "Ọ̀gá, fáìlì pósítà yìí ti wọlé. Ojeikere wo nìyí o? Ṣé ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ni?"

Mo wò ó. Orí fáìlì ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mi ò yí orúkọ rẹ̀ padà: `ojeikere_3_final.png`. Mo ṣí inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mò ń lò máa ń kọ àpèjúwe tí èèyàn tẹ̀ pa mọ́ sínú fáìlì PNG, ìlà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ní ọjọ́ yẹn sì wà níbẹ̀ ṣáá, pẹ̀lú orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan nínú àwòrán náà mọ́ tó jọ ọ́. Mo gbé pósítà náà jáde ní tuntun láìsí ìlà yẹn nínú, mo pè é ní `suku_enu_ona.png`, mo sì ní kí atẹ̀wé pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ níṣojú mi.